Iná Wà Lára Ṣájà, Bátìrì Kò Gbà Á

Ṣájà wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná kékeré ara rẹ̀ ń tàn, láàpútọ́ọ̀pù náà sì ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, bátìrì dúró gbagidi sí 34%. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò fi ẹyọ kan lé e. Ohun tí Windows sì kọ sábẹ́ àmì bátìrì ni `plugged in, not charging`.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Ìbàdàn tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí Dell Latitude tòkunbọ̀ tó rà ní Ìkẹjà. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e lọ fún ní bátìrì ti kú. Ó ra òmíràn, wọ́n fi sí i, nọ́ńbà náà kò sì kúrò lójú kan. Nǹkan mìíràn tún wà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí kò rò pé ó tan mọ́ ọ̀rọ̀ bátìrì: ẹ̀rọ náà ń falẹ̀. Bó bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, ó ń pẹ́ kó tó jáde lójú kọ̀ǹpútà.

Àìsàn kan náà ló fa méjèèjì, orí ṣájà ló sì wà. Bí èèyàn bá wo ẹnu ṣájà Dell tó rí roboto, yóò rí irin tó yí i ká níta, irin mìíràn nínú, àti abẹ́rẹ́ tín-ínrín kan láàárín gbùngbùn. Irin méjì àkọ́kọ́ ló ń gbé iná: ti ìta ni ẹ̀gbẹ́ òdì, ti inú ló ń mú fóltì 19.5 wá. Abẹ́rẹ́ àárín kì í gbé iná tí ẹ̀rọ ń lò rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jíṣẹ́. Nínú ṣájà, ẹ̀rọ ìrántí kékeré kan wà tí wọ́n kọ irú ṣájà náà àti agbára rẹ̀ sí, bóyá 65 wáàtì tàbí 90, ọ̀nà abẹ́rẹ́ yìí sì ni láàpútọ́ọ̀pù ń gbà kà á. Ṣájà tí kò bá lè sọ irú ẹni tó jẹ́ dà bí àlejò tó kanlẹ̀kùn tí kò dárúkọ: wọn kì í lé e lọ, àmọ́ wọn kì í mú un wọ yàrá. Láàpútọ́ọ̀pù yóò máa lo iná rẹ̀ láti ṣiṣẹ́, yóò dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má baà fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní fún bátìrì ní nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà ló ń sọ ọ́ jáde nígbà tí wọ́n bá tàn án:

```
The AC power adapter wattage and type cannot be determined.
```

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti máa ń rí ọ̀rọ̀ yìí lárààárọ̀, ó kàn ń tẹ bọ́tìnì láti kọjá rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dunni, nítorí gbólóhùn yẹn nìkan ti tó láti gba owó bátìrì là.

Iná méjì ló yẹ kéèyàn wò, kò sì yẹ kó pa wọ́n pọ̀. Ti ara ṣájà ń sọ bóyá iná ń jáde láti inú rẹ̀, kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Bí kò bá tàn rárá, okùn tó ti sọ́kẹ́ẹ̀tì wá ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, torí okùn yẹn ń bàjẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Bó bá ń tàn dáadáa, tó sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ láàpútọ́ọ̀pù, ó ṣeé ṣe kí wáyà kan kan òmíràn nínú ihò tí ṣájà ń wọ̀ tàbí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, kí ṣájà sì ti pa ara rẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀.

Iná ara láàpútọ́ọ̀pù ló mọ ọ̀rọ̀ bátìrì. Lórí ọ̀pọ̀ Latitude, bí ṣájà bá wà níbẹ̀, funfun tó dúró gbọin túmọ̀ sí pé bátìrì ń gba iná, kíkú rẹ̀ sì túmọ̀ sí pé ó ti kún. Bí funfun àti àwọ̀ ọsàn bá ń gba ipò ara wọn, ẹ̀rọ kò mọ ṣájà náà tàbí kò gbà á. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn nìkan ló ń ṣẹ́jú láìdábọ̀, bátìrì gan-an ló ti bàjẹ́. Èdè iná yìí kì í ṣe ti gbogbo ẹ̀rọ o: lórí ọ̀pọ̀ HP, àwọ̀ ọsàn tó dúró ni àmì pé bátìrì ń gba iná.

Funfun àti àwọ̀ ọsàn ló ń gba ipò ara wọn lórí ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ẹni kejì tó gbé e lọ fún fi mítà wọn ẹnu ṣájà, ó sì rí fóltì 19.5 pérépéré. Ibí yìí ni mítà ti ń tan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ, torí pé iná lè pé kí abẹ́rẹ́ má jíṣẹ́. Ìṣọ́ra tún yẹ lásìkò wíwọn: bí orí mítà bá kan irin inú àti abẹ́rẹ́ pọ̀, fóltì 19.5 yóò sáré wọ ojú ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà, ó sì lè jó ẹ̀rọ ìrántí inú ṣájà.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà rọrùn ju mítà lọ. Oníṣẹ́ náà yá ṣájà Dell mìíràn tó dá a lójú, tí ẹnu àti wáàtì rẹ̀ bá ẹ̀rọ mu. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, 34 di 35. Ó wá mú ṣájà tó ń ṣàìsàn lọ sára Latitude mìíràn, òun náà kọ̀ ọ́. Ṣájà ló jẹ̀bi, kì í ṣe ihò, kì í ṣe bátìrì. Wáyà abẹ́rẹ́ ló tín-ín-rín jù nínú okùn náà, ibi tí okùn ti wọ ẹnu ṣájà ló sì ti sábà ń já, pàápàá fún ẹni tó ń ká a mọ́ra pinpin kó tó fi sínú báàgì.

Ká ní ṣájà tó dára náà kò ṣiṣẹ́, ihò ni ìfura yóò kàn. Wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti wò bóyá abẹ́rẹ́ ti wọ́, tàbí bóyá eruku dí i. Wọ́n á mi ẹnu ṣájà díẹ̀díẹ̀ láti mọ̀ bóyá iná ń wá ó ń lọ. Lórí ọ̀pọ̀ Latitude, ihò yìí ní wáyà kúkúrú tirẹ̀ tó so mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, wọ́n sì lè yọ ọ́ kí wọ́n fi tuntun síbẹ̀ láìjó nǹkan kan.

Bátìrì ló yẹ kó gbẹ̀yìn, Windows fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́rìí sí i:

```
powercfg /batteryreport
```

Ìwé tí àṣẹ yìí ń ṣe máa ń fi `DESIGN CAPACITY` àti `FULL CHARGE CAPACITY` hàn. Ti àkọ́kọ́ ni ohun tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà ní tuntun, ti ìkejì ni ohun tó lè gbà nísinsìnyí. Bí 51,000 bá ti di 41,000, ó ṣì ku bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, kò sídìí láti rà tuntun. Bó bá ti di 15,000, ó ti darúgbó. Bátìrì tó bá sì wú, tó ń gbé pátákó ìtẹ̀wé sókè, kò nílò àyẹ̀wò kankan. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n yọ ṣájà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yọ bátìrì jáde láìgún un, nítorí ó lè gbiná.

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Ẹni tó ni tòkunbọ̀ náà tẹ́lẹ̀ lè ti wọ BIOS, kó sì pàṣẹ pé kí bátìrì dúró sí 80% kó lè pẹ́ láyé. Ẹni tó rà á yóò tẹ F2 nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, yóò wá ojú ewé bátìrì, yóò sì yí i padà.

Èyí tó ṣòro ni kí ṣájà dára, kí ihò jẹ́ tuntun, kí bátìrì pé, kí funfun àti àwọ̀ ọsàn ṣì máa gba ipò ara wọn. Nígbà náà, ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti jó. Àtúnṣe rẹ̀ gba ẹni tó mọwọ́ sódà, tó sì ní awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, owó rẹ̀ sì lè sún mọ́ iye tí wọ́n ra tòkunbọ̀ náà gan-an. Ẹni tí kò bá fẹ́ná owó yẹn ṣì lè máa lò ó lẹ́bàá sọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìfalẹ̀ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà.