Oògùn Oorun Tí Aláboyún Lè Gbé Mì àti Èyí Tó Yẹ Kó Sá Fún

Bí oyún bá ti wọ oṣù keje, oorun a máa di ọ̀wọ́n. Ìtọ̀ a máa jí obìnrin lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, àyà a máa ta á lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọmọ inú náà a sì yan ìgbà tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́ láti máa tàpá. Ẹni tó bá ti ń sun irú oorun bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísìtì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fà yọ fún un níbẹ̀ ni Fálíọ́ọ̀mù, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ dáyásẹ́páàmù, tàbí Lẹ́sótáàn tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n má tà wọ́n láìsí ìwé dókítà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí ọjà ṣe ń lọ.

Ìbéèrè tí obìnrin máa ń bi oníkẹ́mísìtì ni pé, "Ṣé kò ní ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan?" Lójú tèmi, ìbéèrè náà kò tíì pé. Ó yẹ ká bi í pé báwo ni oògùn náà ṣe ń pẹ́ tó nínú ara, ká sì rò ó pé oyún ọ̀hún ti tó oṣù mélòó. Oògùn tó ń tètè kúrò lára, tí a lò lẹ́ẹ̀kan péré, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń kó ara rẹ̀ jọ lálaalẹ́ títí ìrọbí fi dé.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 36, tó ń lo hóró dáyásẹ́páàmù onímílígíráàmù 5 kan lálaalẹ́. Dáyásẹ́páàmù kì í yára kúrò lára. Nínú ara àgbàlagbà, ó lè gba ọjọ́ kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, ẹ̀dọ̀ sì tún ń sọ ọ́ di oògùn mìíràn tó ń múni sùn bákan náà, tó sì ń pẹ́ jù ú lọ. Ká gbà pé ọjọ́ méjì ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Nígbà tí obìnrin yìí bá fẹ́ gbé hóró alẹ́ kejì mì, nǹkan bí mílígíráàmù 3.5 ló ṣì kù nínú ti àná, àpapọ̀ yóò sì di 8.5. Lálẹ́ kẹta, ó ti di 11. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ohun tó wà lára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbé ti alẹ́ náà mì ti sún mọ́ mílígíráàmù 17. Lójú tirẹ̀, hóró kan ló ń lò. Ohun tó wà lára rẹ̀ ti ju hóró mẹ́ta lọ, a ò sì tíì ka èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe jáde.

Ibi ọmọ kò dí i lọ́nà. Ibẹ̀ ló ń gbà wọ ara ọmọ. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú, ara ìyá ló ń bá a lé e jáde, ṣùgbọ́n tí a bá ti bí i, tí a gé ìwọ́, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun tí kò tíì gbó. Ohun tí agbẹ̀bí yóò rí ni ọmọ tó rọ̀ bí aṣọ tó rin. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, ó ń sùn ṣáá, kò lè fa ọmú, ara rẹ̀ ń tutù, nígbà mìíràn mímí rẹ̀ a máa dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ti àwọn ọmọ mìíràn tún yàtọ̀. Wọ́n lè dára lọ́jọ́ tí a bí wọn, kí ó tó di ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà tí oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í tán lára wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n á máa gbọ̀n, tí wọ́n á máa ké kíkan kíkan, tí oorun ò sì ní kùn wọ́n, èyí sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Méjèèjì ló ṣeé tọ́jú bí àwọn tó gbẹ̀bí bá mọ ohun tí ìyá lò. Bí wọn ò bá mọ̀, wọ́n lè máa rò pé kòkòrò àrùn ló wọ ọmọ lẹ́jẹ̀, tàbí pé atẹ́gùn kò tó o nígbà ìrọbí, kí wọ́n sì máa tọ́jú ohun tí kò ṣe é.

Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó ka èyí, kó má ṣe dà á nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí ara tó ti mọ́ irú oògùn yìí bá ṣàdédé pàdánù rẹ̀, giri lè gbé ìyá, ewu ìyẹn fún ọmọ inú sì ju ti oògùn lọ. Dókítà ni yóò bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni ti fìnóbábítóònù, oògùn àtijọ́ tí àwọn kan ṣì ń fi sùn. Ó wà lára àwọn tó lè ba ẹ̀yà ara ọmọ jẹ́ nínú oyún, nítorí náà kò sí ìdí kankan tí aláboyún fi gbọ́dọ̀ lò ó torí oorun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó fún wárápá kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ oyún ní ewu tirẹ̀, oògùn oorun ló sì kọ́ ayé lọ́gbọ́n nípa rẹ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 1957, wọ́n gbé tàlídómáìdì jáde fún títà nílẹ̀ Jámánì láìsí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè ìwé dókítà. Wọ́n ní kò léwu rárá, àwọn aláboyún sì ń fi í sùn, wọ́n tún ń fi í dá èébì òwúrọ̀ dúró. Nígbà tí Dókítà Lẹ́ńsì ní ìlú Hámbọ́ọ̀gì fi máa kígbe síta ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, ọmọ tí wọ́n bí láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé ti kún ilẹ̀. Gbogbo wọn lágbàáyé lé ní 10,000. Ọjọ́ 20 sí 36 lẹ́yìn tí oyún dúró ni oògùn náà ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí, ìgbà tí obìnrin mìíràn ò tíì mọ̀ rárá pé òun lóyún.

Dáyásẹ́páàmù kì í ṣe tàlídómáìdì. Nígbà kan, àwọn onímọ̀ fura pé ó ń mú kí ètè tàbí àjà ẹnu ọmọ là. Ìwádìí tó tóbi tó tẹ̀ lé e kò fìdí ewu ńlá múlẹ̀. Nítorí náà, obìnrin tó gbé hóró kan tàbí méjì mì kó tó mọ̀ pé òun lóyún kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìyẹn máa sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó tìtorí ẹ̀ lọ ṣẹ́ oyún. Kó sọ fún dókítà, kó sì dáwọ́ dúró níbẹ̀.

Èwo wá ni a lè lò? Àwọn tí dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ rò ni oògùn ara yíyún àtijọ́ tó ń múni tòògbé: promẹ́tásíìnì, tí a mọ̀ sí Fẹ́nágàn, àti dọ́ksíláámíìnì. Wọ́n ti wà lọ́wọ́ àwọn aláboyún láti àádọ́ta ọdún ó lé, a ò sì rí i pé wọ́n ń sọ ọmọ di abirùn. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe dọ́ksíláámíìnì fún èébì oyún kó o kúrò lọ́jà lọ́dún 1983 torí ẹjọ́ tó pọ̀ jù. Ìwádìí kò dá oògùn náà lẹ́bi, lọ́dún 2013 ìjọba sì tún fọwọ́ sí i. Hóró Fẹ́nágàn onímílígíráàmù 25 kan lálẹ́, fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, ni dókítà tàbí apòògùn sábà máa ń gbà láyè. Kì í ṣe oògùn alaalẹ́ fún oṣù mẹ́ta o. Ẹnu a máa gbẹ, orí a máa wúwo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọjọ́ ìbí bá sì ti sún mọ́, ọmọ náà lè tòògbé.

Ti agbo nìkan ni mi ò lè gbóríyìn fún níbí. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn àgbà ti ń fi mú orí tó dàrú balẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ní èròjà kan tó ń jẹ́ rẹsẹ́pìnnì, èyí tó ń fa ìfúnpá wálẹ̀. Bí ìyá bá lo rẹsẹ́pìnnì nítòsí ìbí, imú ọmọ lè dí, kó máa sùn, kó má sì fẹ́ jẹun. Imú ni ọmọ tuntun fi ń mí nígbà tó bá ń mu ọmú, torí náà imú dídí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún un. Ọtí, ì báà jẹ́ páragà tàbí bíà, kò wọ inú ọ̀rọ̀ yìí rárá: aláboyún ò gbọ́dọ̀ fi sùn.

Lẹ́yìn ìbí, ọmú ni oògùn ń gbà dé ara ọmọ, ó sì kéré púpọ̀ sí èyí tó ń gba ibi ọmọ kọjá. Hóró dáyásẹ́páàmù kan tí wọ́n fún ìyá nílé ìwòsàn kò tó ìdí láti gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Alaalẹ́ ni kò dára, torí pé yóò máa pọ̀ sí i lára ọmọ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pọ̀ sí i lára ìyá. Bí ìyá bá nílò irú rẹ̀ lóòótọ́, dókítà lè fi lọ́rásẹ́páàmù rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìdajì rẹ̀ ń lọ láàárín nǹkan bí wákàtí 12. Fẹ́nágàn ṣeé lò níwọ̀nba, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu ọmú àsùnwọra, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí omi ọyàn ò tíì dúró dáadáa, torí ó lè dín in kù. Kí a máa wo ọmọ náà, pàápàá bí oṣù rẹ̀ ò bá pé kí wọ́n tó bí i. Tí kò bá jí fún ọmú mọ́, tí fífà rẹ̀ kò lágbára, tàbí tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ohun méjì kan wà tí mo rí i pé àwọn ènìyàn kì í kà sí. Èkíní, ìyá tó bá gbé oògùn oorun mì kò gbọ́dọ̀ sùn lórí ibùsùn kan náà pẹ̀lú ọmọ. Ara rẹ̀ kò ní sọ fún un mọ́ bó bá ń yí lé ọmọ lórí. Èkejì, omi Fẹ́nágàn tí àwọn kan ń fi sí ọmọ lẹ́nu kó lè sùn kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá. Ó ti dá mímí irú wọn dúró títí wọ́n fi kú.

Kí ìyá tó wá oògùn kankan, ó dára kó wá ohun tó lé oorun lọ. Ẹsẹ̀ tó ń rìn yìnrìnyìnrìn lóru, tí kì í balẹ̀ àfi téèyàn bá dìde rìn, sábà máa ń wá láti inú àìtó áyọ́ọ̀nù nínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì ni ìtọ́jú rẹ̀, kì í ṣe Fálíọ́ọ̀mù. Bí ìyá ọmọ tuntun ò bá sì lè sùn nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń sùn, tó ń dá sọ̀rọ̀, tàbí tó ń ro ohun búburú sí ara rẹ̀ tàbí ọmọ, ẹ má fún un ní oògùn oorun nílé. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lo èyíkéyìí nínú wọn láàárín oṣù tó kẹ́yìn oyún, ẹ mú páálí oògùn náà dání lọ́jọ́ ìrọbí, kí ẹ sì fi han agbẹ̀bí kí ọmọ tó dé.