Fọ́tò kan, ọ̀rọ̀ méjì: ohun tí bítúmẹ̀nì Agbabu kọ́ mi

Oòrùn ọ̀sán ọjọ́ náà mú ganran-ganran. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fọ́tò gba Ore kọjá lọ sí Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, láti lọ wo ohun dúdú tó ń sun jáde látinú ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ya fọ́tò kan tó dára gan-an. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò náà, èyí tí àwa ọ̀dọ́ ń pè ní kápúṣọ̀n. Ohun tí mo kọ rèé: “Haa! Kóòtà ń tú jáde nílẹ̀ Agbabu o! Bílíọ́nù 42 àgbá! Ìwọ kí lò ń dúró dè? A ti lówó!” Mo gbé e sí Instagram, mo sì gbé e sí LinkedIn láìyí ohunkóhun padà.

Lórí Instagram, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá lọ. Lórí LinkedIn, kẹ́kẹ́ pa. Lálẹ́, ẹnjinníà kan tó ti fẹ̀yìn tì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀: “Ọmọ mi, kóòtà kọ́ nìyẹn. Bítúmẹ̀nì ni. Ta sì ni ‘ìwọ’ tó ò ń bá wí?”

Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni bàbá sọ. Ohun mẹ́ta ni mo bàjẹ́ nínú gbólóhùn kúkúrú yẹn. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ nǹkan. Nígboro, gbogbo ohun dúdú tí wọ́n bá tẹ́ sí títì ni à ń pè ní kóòtà tàbí ọ̀dà. Kò burú tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹnjinníà, inú èédú ilẹ̀ tí wọ́n fi iná sè ni kóòtà gidi ti ń wá. Ẹbí epo rọ̀bì ni bítúmẹ̀nì ní tiẹ̀, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ bíi ti Agbabu. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá rí orúkọ tí kò tọ̀nà ní ìlà kìn-ín-ní, kò ní ka ìlà kejì. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lè fi “ọ̀dà títì” mú un wọlé, kí ẹ wá sọ bítúmẹ̀nì fún un níwájú. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ni ẹ fi ṣílẹ̀kùn fún un, ọ̀rọ̀ tuntun ló bá nínú ilé.

Ìkejì ni nọ́ńbà. Bílíọ́nù 42 àgbá tí àwọn oníròyìn máa ń gbé kiri jẹ́ ìfojúdíwọ̀n ohun tó wà nínú ilẹ̀, kì í ṣe ti Agbabu nìkan, ti gbogbo ìlà ilẹ̀ tó gba ìpínlẹ̀ Ògùn, Èkó, Òǹdó àti Ẹdó kọjá ni. Òṣìṣẹ́ báǹkì mọ̀ pé ohun tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí èèyàn lè wà jáde kó sì jèrè. Tí ẹ bá wá fi “a ti lówó” kún un, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó olówó. Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní bá yín jà lórí nọ́ńbà yẹn, ṣùgbọ́n kò ní rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Bílíọ́nù 42 àti bílíọ́nù 4, ọ̀kan náà ni lójú ẹni tí kò rí àgbá kan rí. Ohun tó lè fojú rí ni kí ẹ fún un: oòrùn ń mú, nǹkan dúdú ń yọ́.

Ìkẹta ló dùn mí jù, nítorí ọmọ Yorùbá ni mí. “Ìwọ” àti “ẹ̀yin” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú èdè wa. Àwọn Òyìnbó ní “you” kan ṣoṣo fún ọmọdé àti àgbà, àwa ní méjì. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ, a ò rójú ẹni tó ń kà á. Nítorí náà “ẹ” ni kí a fi bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó tún dáa pé “ẹ” yìí kan náà ló wà fún èèyàn púpọ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń bá gbogbo kíláàsì sọ̀rọ̀. “O” ló ń dún bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ibi tó bá dá yín lójú pé ọ̀dọ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, mo kọ méjì. Ti Instagram rèé: “Ilẹ̀ tó ń làágùn ọ̀dà! Agbabu rèé, nítòsí Ore. Oòrùn mú, ó ń yọ́. Kí ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì yín?” Mo jẹ́ kó kúrú, nítorí bíi létà 125 péré ló ń hàn níbẹ̀ kí ó tó di pé èèyàn tẹ “more”. Ìbéèrè ló gbẹ̀yìn rẹ̀, kí ọmọ iléèwé lè rí nǹkan dáhùn.

Ti LinkedIn rèé: “Bítúmẹ̀nì tó ń sun jáde fúnra rẹ̀ ní Agbabu, ìpínlẹ̀ Òǹdó. Wọ́n ti ń gbẹ́ kànga wá a ní agbègbè yìí ṣáájú 1914. Lójú ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, kí ló ń dá a dúró: owó ni, ọ̀nà ni, àbí òfin?” Níbẹ̀, bí ìlà mẹ́ta ló ń hàn kí wọ́n tó gé e, nítorí náà orúkọ nǹkan, ibi tó wà àti ọdún ló ṣáájú. Kò sí ẹ̀rín, kò sì sí àwòrán iná tó ń jó.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnjinníà kan bi mí ní gbangba pé ìpele wo ni bítúmẹ̀nì náà wà, ṣé ó tó 60/70? Fún wọn, nọ́ńbà yẹn ti tó. Nígbà tí mo gbé e lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ní láti tú u: wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ àti ohun tó gbé e jẹ́ gíráàmù 100 lé bítúmẹ̀nì tó wà ní ìwọ̀n ooru 25, fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Bó bá wọlé tó mìlímítà 6 sí 7, 60/70 nìyẹn. Èmi ò ní èsì àyẹ̀wò ti Agbabu lọ́wọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ohùn lè yí padà, òótọ́ ò gbọ́dọ̀ yí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti ṣì í? Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń béèrè pé “kí lèyí?”, ìlà kìn-ín-ní yín ò yé wọn. Bí àwọn ọ̀gá bá dákẹ́ tí wọ́n wá ń tún yín ṣe ní kọ̀rọ̀, orúkọ tàbí nọ́ńbà kan ti bàjẹ́, wọn ò kàn fẹ́ dójú tì yín ní gbangba ni.

Ẹ má sì fi ọjọ́ orí nìkan pín wọn o. Ọmọ ọdún 25 wà ní báǹkì, ẹni ọdún 45 sì wà níléèwé. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ka LinkedIn láàárọ̀ lè máa wá ẹ̀rín kiri lórí Instagram lálẹ́. Ibi tó jókòó sí àti ohun tó wá ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ wò. Bàbá ẹnjinníà yẹn gan-an, nígbà tó rí ti Instagram, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní “ọ̀dà” yẹn kò burú níbẹ̀.