Àṣamọ̀ Tó Mọ Ibi Tí Ẹ̀rí Rẹ̀ Mọ

Ohun tí olùdánwò máa ń kọ́kọ́ kà nínú iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni àṣamọ̀. Ìpínrọ̀ kan tàbí méjì ni, kì í sábà ju ọ̀rọ̀ 250 sí 500 lọ. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ohun tó fẹ́ mọ̀, bó ṣe wádìí rẹ̀, ohun tó rí, àti ibi tó fi ọ̀rọ̀ tì sí. Ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti àwọn tó ń tẹ́tí sí wọn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ dáadáa ti máa ń bàjẹ́, torí pé gbólóhùn tó kẹ́yìn a máa sọ ju ohun tí ìwádìí náà fi hàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan tó gbajúmọ̀ lẹ́ka náà wò ó. Kì í ṣe iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ó rọrùn láti kó sínú àṣamọ̀. Ọdún 1968 ni, nígbà tí Nixon, Humphrey àti Wallace ń du ipò ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Maxwell McCombs àti Donald Shaw ṣe ìwádìí nílùú Chapel Hill ní ìpínlẹ̀ North Carolina, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1972.

Èrò wọn kọ́kọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ ọ́ pé, “Iṣẹ́ yìí dá lé ipa tí ìròyìn ń kó nínú ìdìbò,” kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí kò sí ohun tí èèyàn lè lọ yẹ̀ wò nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ mọ̀ ṣe pàtó: ṣé ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn ń tẹnu mọ́ jù náà ni àwọn olùdìbò kà sí pàtàkì jù? Èyí ṣeé yẹ̀ wò, ó sì lè já sí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló yẹ kó gba àyè jù nínú àṣamọ̀, torí òun ló ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ ìwọ̀n tó yẹ kó gba ìyókù gbọ́ dé. Èèyàn 100 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, gbogbo wọn ló ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò àmọ́ tí wọn ò tíì mọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún. Irú wọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá, nítorí ẹni tí kò tíì pinnu ni ìròyìn lè tètè wọ̀ létí. Wọ́n ní kí kálukú sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ ẹ́ lógún jù nílùú, ohun yòówù kí àwọn olóṣèlú máa wí. Láàárín àsìkò kan náà, wọ́n ka ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ márùn-ún, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ méjì àti ìròyìn alẹ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n méjì, wọ́n wo bí àyè tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tó: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ètò ààbò àti òfin, ètò ìnáwó, ẹ̀tọ́ aráàlú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àtòjọ méjèèjì wéra.

Ẹ kíyè sí i pé gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tán. Bí ẹ bá rí “a máa fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí” nínú àṣamọ̀ iṣẹ́ tó ti parí, ẹ mọ̀ pé inú àbá ìwádìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti dà á kọ, kò sì padà wá tún un ṣe. Ìgbà tí orí tó kẹ́yìn bá ti tán ló yẹ kéèyàn jókòó kọ àṣamọ̀.

Èsì wọn kò gba gbólóhùn púpọ̀. Nínú ìṣirò tó ń fi ìbátan hàn, níbi tí 0 ti túmọ̀ sí pé àtòjọ méjì kò bára tan rárá, tí 1 sì túmọ̀ sí pé wọ́n bára mu délẹ̀, 0.967 ni wọ́n rí fún àwọn ìròyìn ńlá. Nọ́ńbà yìí gan-an ló yẹ kó wà nínú àṣamọ̀, kì í ṣe “a rí ìbátan tó lágbára” lásán.

Ìparí ló wá le. Ó máa ń wu èèyàn láti kọ ọ́ pé ìròyìn ló fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sọ́kàn àwọn olùdìbò. Àmọ́ kí àtòjọ méjì bára mu kò sọ èyí tó ṣáájú. Ó lè jẹ́ pé ohun tí aráàlú ń sọ ni àwọn oníròyìn ń tẹ̀ lé, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú ló ń darí àwọn méjèèjì. Ìlú kan ṣoṣo sì ni wọ́n wò, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. McCombs àti Shaw fúnra wọn jẹ́wọ́ nínú ìwé náà pé ìbátan tí wọ́n rí kò fìdí ohun tó fà á múlẹ̀, bó tilẹ̀ bá èrò wọn mu. Irú gbólóhùn yẹn ni mo máa ń wá bí mo bá ń ka àṣamọ̀. Èyí tó tún burú ju tiwọn lọ ni ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ka àkọlé ìròyìn nìkan, tí kò bá òǹkàwé kankan sọ̀rọ̀, tó wá kọ ọ́ pé ìròyìn ń ba ìwà àwọn ọ̀dọ́ jẹ́.

Láti mọ èyí tó ṣáájú, ó di dandan kí wọ́n yí ọ̀nà ìwádìí padà. Nígbà ìdìbò ọdún 1972, wọ́n lọ sí Charlotte, ní ìpínlẹ̀ kan náà, wọ́n sì ń padà lọ bá àwọn olùdìbò kan náà léraléra bí ìpolongo ṣe ń lọ, kí wọ́n lè rí i bóyá ìròyìn ló kọ́kọ́ yí ni, àbí ọkàn àwọn èèyàn.