Ohùn Tó Sọnù Láàárín Okùn Gìtá

Mú gìtá, kí o fa okùn tó ń gbọ̀n nígbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fà á láti àárín gan-an, jọ̀wọ́ rẹ̀, kí o sì fi ìka kan àárín náà fẹ́ẹ́rẹ́. Ìró rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá. Ṣùgbọ́n bí o bá fà á láti ẹ̀gbẹ́, tí o sì tún fi ìka kan àárín, ohùn tínrín kan tó ń gbọ̀n nígbà 220 á ṣẹ́kù. Níbo ni ohùn yìí wà nígbà tí o fà á láti àárín?

Ká pe gígùn okùn náà ní L, ibi kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ ní x, àkókò ní t, kí u sì jẹ́ bí okùn ṣe ga tó níbẹ̀. Ní 1747, d'Alembert gbé ìdọ́gba rẹ̀ kalẹ̀:

u_tt = c² u_xx

Bí okùn bá ṣe tẹ̀ tó níbì kan ni yóò ṣe máa fi agbára padà tó. C ni ìyára ìgbì lórí okùn.

Ọgbọ́n tí a ó dá ni pé ká ya ibi sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò: u = X(x)·T(t). Bí a bá fi èyí sínú ìdọ́gba, yóò di

X''/X = T''/(c²T)

Apá òsì kò mọ̀ ju ibi lọ, apá ọ̀tún kò mọ̀ ju àkókò lọ. Dúró sójú kan lórí okùn, kí àkókò máa lọ: apá òsì kò yí, nítorí náà apá ọ̀tún kò gbọdọ̀ yí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ kéré sí òdo, torí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, X kò lè jẹ́ òdo ní orí méjèèjì àfi bí okùn kò bá mira rárá. Ohun tó kù ni sin(nπx/L), n jẹ́ 1, 2, 3 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe jọ̀wọ́ okùn láìtì í, cos(nπct/L) ni ti àkókò.

Ní 1753, Daniel Bernoulli ní àpapọ̀ irú ìgbì báyìí lè bímọ ìrísí yòówù. Euler àti d'Alembert kọ̀ jálẹ̀. Èmi ò bá wọn wí: okùn tí a fà ní igun ṣóńṣó, sáìnì kò sì ní igun kankan.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. A fa àárín okùn sókè ní mìlímítà 4. Láti mọ ìpín ìgbì kọ̀ọ̀kan, a ó fi ìrísí okùn sọ sáìnì rẹ̀ di púpọ̀ níbi gbogbo, a ó sì ro wọ́n pọ̀. Ìgbì kejì ga lápá kan, ó rì lápá kejì; okùn wa sì rí bákan náà lápá méjèèjì. Ohun tí òsì bá fi sílẹ̀, ọ̀tún á gbà á padà: òdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkẹrin àti ìkẹfà. Ìgbì kìíní gba 8×4/π², ìyẹn mìlímítà 3.24, ìkẹta gba ìdá mẹ́sàn-án rẹ̀, 0.36, ìkarùn-ún, 0.13. Ní àárín, gbogbo wọn ń ti ara wọn lẹ́yìn: 3.24, 3.60, 3.73, wọ́n ń sún mọ́ 4 díẹ̀díẹ̀. Bí àpapọ̀ rẹ bá kọjá 4, o ti ṣì í.

Gbogbo ìgbì wọ̀nyí ló ń mì jù lọ ní àárín, ìdí nìyẹn tí ìka fi pa wọ́n. Okùn gidi máa ń rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìdọ́gba yìí kò sì sọ ìyẹn. Ìka ènìyàn náà kì í bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́: bí okùn bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 65, tí o sì fi sẹ̀ǹtímítà 1 ṣìnà, ìgbì kejì á rí nǹkan bíi mìlímítà 0.08 gbà.