Èrò Ni, Kì Í Ṣe Àṣẹ

"Mi ò wúlò." Bí èrò yìí bá sọ síni lọ́kàn, ọ̀pọ̀ wa a máa bá a jiyàn, àríyànjiyàn náà a sì tún mú un pẹ́ sí i. Steven Hayes, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó dá ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní ACT sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní kí a má jà, kí a ṣáà rí i pé èrò ni.

Sọ pé: "Mo ń rò ó pé mi ò wúlò." Lẹ́yìn náà: "Mo ṣàkíyèsí pé mo ń rò ó pé mi ò wúlò." Èrò ò yí padà, ṣùgbọ́n o ti di ẹni tó ń wò ó.

Tàbí kí o mú ọ̀rọ̀ tó ń gún ọ jù, bí "òfò", kí o máa pè é sókè kíákíá fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú-àáyá. Láìpẹ́, ìró rẹ̀ nìkan ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń fi í lé èrò lọ. Bí o bá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti lọ, ìjà ti tún bẹ̀rẹ̀. Àmì pé ó ṣiṣẹ́ ni pé èrò wà níbẹ̀, o sì kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí èrò bá ní kí o pa ara rẹ, jọ̀ọ́, má dá a gbé. Sọ fún ẹnì kan, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.