Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Ẹ̀rọ

Níbi ìkó-epo ńlá, ẹ̀rọ kan ni ó ń darí ìwọlé epo lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ ìdáàbòbò a dúró lọ́tọ̀, a sì máa sé epo kìkì nígbà tí ewu bá dé. Kò gbọdọ̀ lo ojú tí èkíní fi ń wo ìwọ̀n epo, kí àbùkù kan má baà pa méjèèjì pọ̀.

Ní Bọ́nsìfíìdì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 2005, òṣùwọ̀n ẹ̀rọ èkíní dúró sí ojú kan, bẹ́ẹ̀ ni epo bẹntiróòlù ń wọlé. Ti ìdáàbòbò kò ṣiṣẹ́, nítorí a kò fi àgádágodo di apá ìdánwò rẹ̀ mú sí ipò iṣẹ́. Epo kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó gbiná, ènìyàn 43 sì farapa.

Ìpele 1 dé 4 ni a fi ń díwọ̀n irú ẹ̀rọ ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀. Ní ìpele 2, nínú 100 ìgbà tí ewu bá pè é, kò gbọdọ̀ kùnà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ń dán an wò lóòrèkóòrè, òǹkà yìí kò lè dúró. Ẹ̀rọ tí ó ti kú kò ní í fi hàn títí ewu yóò fi pè é.