Òróró Tí Wọ́n Ti Fi Dín Nǹkan: Ìgbà Mélòó Ni Wọ́n Lè Tún Un Lò?

Òróró tí wọ́n fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀kan kò tíì di ohun ìdànù, ṣùgbọ́n kò rí bíi tuntun mọ́. Omi tó ń jáde lára oúnjẹ ń tú òróró náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí ló sì fà á tí òróró àlòtúnlò fi máa ń tètè rú èéfín. Atẹ́gùn ń mú kó kan, ooru sì ń mú kó ki. Ní ti èérún oúnjẹ tó rì sísàlẹ̀, ṣe ló ń jóná, tó ń sọ òróró di dúdú, tó sì ń mú un korò.

Ohun tí wọ́n dín ló ń sọ iye ìgbà tí wọ́n lè tún òróró lò. Iṣu kì í fi èérún púpọ̀ sílẹ̀, nítorí náà òróró dùndún lè tó ìgbà márùn-ún tí wọ́n bá ń sẹ́ ẹ dáadáa. Àkàrà ní omi nínú, ó sì ń tú sínú òróró. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹja ló ń bà á jẹ́ jù, torí òórùn rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n to ohun tí wọ́n fẹ́ dín tẹ̀ léra. Ká ní lítà kan òróró tuntun ló wà nílé. Wọ́n lè fi dín dùndún lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n fi dín dòdò lọ́jọ́ Túsìdeé, kí wọ́n tún sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi dín àkàrà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Tó bá ṣì mọ́, ẹja ló máa kẹ́yìn, lẹ́yìn èyí wọ́n á dà á nù. Tó bá jẹ́ pé ẹja ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó kù ni yóò máa ta sánsán ẹja. Bí òróró náà bá ń dín kù, bíbu tuntun mọ́ ọn kò sọ ti àtijọ́ di ọ̀tun; ti àtijọ́ ló máa tètè ba tuntun jẹ́.

Iná náà ṣe pàtàkì. Ooru tó dára fún díndín kò ju nǹkan bí 175 sí 190 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò ní ohun ìwọnná lè kán ẹ̀kán àkàrà kan sí i. Tó bá rì tó sì jókòó sísàlẹ̀, òróró kò tíì gbóná. Tó bá léfòó kíá tó ń hó yí ká, ó ti tó. Tó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, iná ti pọ̀ jù. Kí wọ́n nu omi ara ẹja kúrò kó tó wọ ìkòkò, kí wọ́n má sì wọ́n iyọ̀ lórí òróró.

Nígbà tí wọ́n bá dín in tán, kí wọ́n gbé e kúrò lórí iná, kó sì fúnra rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí òróró gbígbóná lè yọ́ rọ́bà, ó sì lè jó èèyàn. Kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́, tó gbẹ pátápátá, ní ìlọ́po méjì sínú asẹ́, kí wọ́n sì rọra da òróró sí i láìrò ó pọ̀. Bí ó bá kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n da ìyẹn nù. Inú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí ni kó wà, níbi tó tutù, tí oòrùn kò dé. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ nínú agbada irin, nítorí irin ń mú kó tètè kan. Tí òróró bá dì nínú fìríìjì, kò tíì bàjẹ́. Yóò yọ́ padà tó bá kúrò nínú òtútù.

Síbẹ̀, èérún nìkan ni sísẹ́ ń kó kúrò. Kò lè dá òróró tó ti tú palẹ̀ padà. Òfin ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì ní kí wọ́n pa òróró tì nígbà tí ohun tó ti yí padà nínú rẹ̀ bá ju ìdá 25 nínú 100 lọ, ohun èlò ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú ilé, ojú, imú àti ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Òróró tó ń rú èéfín kó tó gbóná tó láti dín nǹkan ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń yọ ìfófòó tí kò fẹ́ lọ, tó ń fà lọ́wọ́, tàbí tó ń rùn bí ẹ̀pà àtijọ́. Kí wọ́n má wo àwọ̀ nìkan, torí òróró tó mọ́lẹ̀ náà lè ti kan. Ọ̀kan nínú àmì yìí ti tó láti dà á nù, kódà bó bá jẹ́ ìgbà kejì péré ni wọ́n lò ó.

Tó bá tutù, kí wọ́n rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí, kí wọ́n sì kó o mọ́ ìdọ̀tí. Òróró tí wọ́n dà sínú ihò ìfọwọ́ tàbí gọ́tà ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù, yóò sì dí i.